Ìlà Dúdú Lára Fídíò Ìdágbére: Bí Ihò Lẹ́ǹsì, Igun Ṣọ́tà àti ISO Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Pọ̀

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ súnmọ́ ògiri díẹ̀, ọ̀rọ̀ fídíò la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹni tó bá wà ní gbọ̀ngàn ní táámù tó kọjá á rántí ọjọ́ tí a dágbére fún Màmá tó kọ́ wa ní Bàólọ́jì, nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo di kámẹ́rà ẹgbẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Màmá sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, a rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn sunkún. Ìgbà tí a wá gbé fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà, ìlà dúdú fífẹ̀ ló ń gun àwòrán láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, lọ́ra-lọ́ra, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú Màmá sì kún fún hóró wẹ́wẹ́ bí ẹni da iyanrìn sí i. Wọ́n ti kó lọ sí ìlú wọn báyìí. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ní kí wọ́n wá dágbére lẹ́ẹ̀kejì.

Kámẹ́rà ò bàjẹ́. Èmi ni mi ò mọ nǹkan mẹ́ta tó yẹ kí n mọ̀. Ọjọ́ ìgbẹ̀bùn ń bọ̀, àwọn ọmọ SS1 méjì tí kò tíì ya fídíò rí ni yóò di kámẹ́rà mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí: kí ohun tó ṣe mí má baà ṣe wọ́n.

Ohun tí kámẹ́rà ń ṣe

Nínú kámẹ́rà, pátákó kékeré kan wà lẹ́yìn lẹ́ǹsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sí i bá kéré jù, àwòrán á ṣókùnkùn. Bó bá pọ̀ jù, àwòrán á funfun báláú, aṣọ funfun wa á sì dà bí bébà tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí.

Nǹkan méjì ló ń pinnu iye ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé: bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó, àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pẹ́ tó lórí sẹ́ńsọ̀. Ẹ rántí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá ṣí i gan-an, kórobá á tètè kún. Bí ẹ bá ṣí i díẹ̀, ẹ ó dúró pẹ́. Omi kórobá kan náà ni, ọ̀nà tí a gbà pọn ọ́n ló yàtọ̀. Ìkẹta, ìyẹn ISO, kò pọn omi kankan. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ dì mú kí a tó tẹ̀ síwájú: ìgbésẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, a ti gun ìgbésẹ̀ kan. Bó bá di ìdajì, a ti sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń fi ìgbésẹ̀ yìí kà, ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n lè bá ara wọn ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ ọ̀kan, ẹ lè fi òmíràn dá a padà.

Ihò lẹ́ǹsì

Àwọn abẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú lẹ́ǹsì tó ń ká ihò rẹ̀ kéré tàbí tó ń ṣí i, bí ẹyinjú wa ṣe ń ṣe nígbà tí a bá jáde sí oòrùn. Nọ́ńbà rẹ̀ lójú kámẹ́rà máa ń ní `f/` níwájú. Báyìí ni wọ́n ṣe tẹ̀ léra:

```
f/2.8   f/4   f/5.6   f/8   f/11   f/16   f/22
```

Láti ọ̀kan sí èkejì ní apá ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ di ìdajì. Ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú ni pé nọ́ńbà tó tóbi ni ihò tó kéré. Àlàyé rẹ̀ ò le. Wọ́n fi fífẹ̀ ihò pín gígùn lẹ́ǹsì ni, ohun tó bá jáde ni nọ́ńbà yẹn. Lẹ́ǹsì mílímítà 50 tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 25 wà ní `f/2`. Bí ihò náà bá dín kù sí 12.5, ó di `f/4`. Ẹni tó bá ṣe Mátíìsì nípa òbírí á rí i pé bí fífẹ̀ bá di ìdajì, ààyè inú òbírí á di ìdámẹ́rin. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ méjì ló wà láàárín `f/2` àti `f/4`.

Ihò lẹ́ǹsì ní iṣẹ́ kejì. Bó bá fẹ̀, ibi tí fókọ́ọ̀sì wà nìkan ló ń mú dáadáa, ẹ̀yìn á ṣú. Bó bá kéré, iwájú àti ẹ̀yìn á jọ mú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú kan lè gba ihò tó fẹ̀. Ẹgbẹ́ oníjó tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí pèpéle kò gbà á, ẹ ó kàn máa lé fókọ́ọ̀sì káàkiri ni.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí: lẹ́ǹsì súùmù tó bá kámẹ́rà ẹgbẹ́ wa wá lè ṣí dé `f/3.5` nígbà tí a kò bá tíì fa súùmù. Bí a bá fà á dé òpin, `f/5.6` ló lè ṣí mọ. Ó ju ìgbésẹ̀ kan lọ. Bí ẹ bá ń fa súùmù láàárín ọ̀rọ̀, àwòrán á máa ṣókùnkùn bí ẹni ń pa iná. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń gbé e sí `f/5.6` láti ìbẹ̀rẹ̀, kí súùmù má baà yí i padà.

Igun ṣọ́tà

Fídíò kì í ṣe àwòrán kan. Àwòrán púpọ̀ tó tò tẹ̀ léra ni. Bí kámẹ́rà bá wà ní 25 fps, àwòrán 25 ló ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣọ́tà ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Báwo ni igun ṣe wá dé inú ọ̀rọ̀ yìí? Nínú kámẹ́rà fíìmù àtijọ́, abọ́ pẹlẹbẹ kan ló ń yí níwájú fíìmù. Wọ́n gé apá kan kúrò lára rẹ̀. Bí apá tí wọ́n gé bá dé iwájú, ìmọ́lẹ̀ á wọlé. Bí apá tó kù bá dé, á dí i, fíìmù á sì sún sí àwòrán tó kàn. Abọ́ náà máa ń yí ní ẹ̀ẹ̀kan fún àwòrán kan. Òbírí odidi jẹ́ dígírì 360, nítorí náà bí wọ́n bá gé ìdajì rẹ̀ kúrò, igun ṣọ́tà jẹ́ 180°. Kámẹ́rà òde òní kò ní abọ́ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n pa ìṣirò náà mọ́:

```
àkókò = igun ÷ (360 × fps)
180 ÷ (360 × 25) = 1/50
```

Ìyẹn ni pé 180° ní 25 fps jẹ́ ìdá àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà kan á kọ `180°` sójú rẹ̀, òmíràn á kọ `1/50`. Ohun kan náà ni.

Kí ló dé tí gbogbo ayé fẹ́ràn 180°? Nítorí ìrìn ni. Bí ẹ bá ju ọwọ́ yín síwá sẹ́yìn níwájú ojú yín báyìí, ọwọ́ náà á fà díẹ̀, kò ní dúró gbagidi. Ní 180°, ọwọ́ oníjó á fà níwọ̀n bẹ́ẹ̀, ojú á gbà á. Ní 45°, ọwọ́ náà á mú gan-an nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí fídíò bá ń lọ, á máa ta kán-ún kán-ún bí ẹni tí òtútù mú. Ní 360°, á fà jù, ojú oníjó tó ń yí á dà pọ̀.

Ìgbésẹ̀ wà níbí náà. Láti 180° sí 90°, ìmọ́lẹ̀ di ìdajì. Bí ẹ bá sì gbé kámẹ́rà láti 25 fps sí 50 fps kí ijó lè lọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn náà, 180° á di 1/100 fúnra rẹ̀. Ìrìn á ṣì dára, ṣùgbọ́n ẹ ti pàdánù ìgbésẹ̀ kan, ẹ gbọ́dọ̀ wá a níbòmíràn.

ISO

Ẹ rántí ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbọ̀ngàn wa. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá rọra sọ ọ́, a ó yí fólúùmù sókè. Ohùn á gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo ṣìì-ṣìì inú ẹ̀rọ náà á sókè pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni yẹn sọ̀rọ̀ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, a kò ní gbọ́ ṣìì yẹn.

Bí ISO ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Kò fi ìmọ́lẹ̀ kankan kún èyí tó wọlé. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ ti gbà ló ń gbé sókè. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, hóró á fara hàn, pàápàá níbi tó ṣókùnkùn. Kíkà rẹ̀ rọrùn: 100, 200, 400, 800, 1600, 3200, 6400. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbésẹ̀ kan.

Nítorí náà, ISO ló yẹ kí ẹ yàn gbẹ̀yìn. Ìrìn ló ń yan igun ṣọ́tà. Fókọ́ọ̀sì àti lẹ́ǹsì ló ń yan ihò. Ohun tó bá kù ni kí ẹ fi ISO dí.

Ó yá, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdágbére?

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn eré ìje ilé-sí-ilé ni ìdágbére yẹn bọ́ sí. Lọ́jọ́ eré ìje, mo ti gbé ṣọ́tà sí 1/200 nítorí oòrùn. Mo gbàgbé láti dá a padà. Mo fi ISO sí `AUTO`, mo sì ní kámẹ́rà á bójú tó o. Nọ́ńbà tó wà lára fídíò Màmá nìyí:

```
25 fps   1/200   f/5.6   ISO 6400
```

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti 1/50 sí 1/200, àkókò di ìdámẹ́rin, ìyẹn ìgbésẹ̀ méjì nísàlẹ̀. Iná gbọ̀ngàn ò tó, kámẹ́rà wá gbé ISO sókè ní ìgbésẹ̀ méjì láti 1600 sí 6400 kí àwòrán má baà ṣókùnkùn. Ojú Màmá mọ́lẹ̀ tó lóòótọ́, kò sí ohun tó kìlọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ìdámẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó yẹ ni sẹ́ńsọ̀ gbà. Ibi tí iyanrìn ti wá nìyẹn.

Ìlà dúdú ńkọ́? Iná NEPA ní Nàìjíríà ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná gígùn inú gbọ̀ngàn wa ń mọ́, ó sì ń dín kù lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípadà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kì í rí i. Sẹ́ńsọ̀ kì í sì í ka gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ló ń kà á, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ní 1/200, ìdajì ìṣẹ́jú iná yẹn ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń rí. Àwọn kan bọ́ sí ìgbà tó mọ́, àwọn kan bọ́ sí ìgbà tó dín kù. Àwọn ìlà tí ìmọ́lẹ̀ wọn dín kù ló dúdú yẹn. Ìdí tó sì fi ń rìn ni pé iná náà kì í dúró sórí 50 gééré.

Ní 1/50, gbogbo ìlà ló rí ìṣẹ́jú iná méjì pé pérépéré. Ní 1/100, ẹyọ kan pé. Ìmọ́lẹ̀ gbogbo wọn á dọ́gba. Bó bá jẹ́ pé mo dá ṣọ́tà padà sí 180° ni, ìlà á lọ, ISO á padà sí 1600, hóró á sì dín kù lẹ́ẹ̀kan náà:

```
25 fps   1/50 (180°)   f/5.6   ISO 1600
```

Ìmọ́lẹ̀ fídíò yìí àti ti Màmá dọ́gba. Fídíò méjèèjì ò lè dọ́gba láé. Mo tún lè ṣe dáadáa sí i: kí n fi àga sún mọ́ pèpéle, kí n má fa súùmù jìnnà, kí lẹ́ǹsì lè ṣí dé `f/4`. Ìgbésẹ̀ kan nìyẹn, ISO á di 800. Ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré ni.

Bí ẹlòmíràn bá ti gbé kámẹ́rà sí 30 fps ńkọ́? 180° á di 1/60, kò bá iná wa mu, ìlà lè yọ. Ẹ gbé igun sí 216° kó di 1/50, tàbí 108° kó di 1/100. Èyí àkọ́kọ́ ló ń gba ìmọ́lẹ̀ jù.

Tí NEPA bá sì mú iná lọ, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ tún ojú kámẹ́rà wò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè máa sáré ju 50 lọ díẹ̀. Bí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tí kámẹ́rà yín sì ń lo igun, ẹ rọra yí i kúrò ní 180° díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ 52 ni jẹnẹrétọ̀ ń sá, nǹkan bí 173° ni ìlà á ti lọ. Ohun tí igun fi dára nìyí, ó ń jẹ́ kí ẹ yí i ní kékeré.

Níta gbangba, lábẹ́ oòrùn

Wàhálà ìta ò jọ ti inú. Ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Òfin àtijọ́ àwọn ayàwòrán ni pé bí oòrùn bá ràn dáadáa, `f/16`, ISO 100 àti 1/100 á bá a mu. Ṣùgbọ́n 1/50 la fẹ́, ìyẹn fi ìgbésẹ̀ kan kún un, ihò gbọ́dọ̀ dín kù sí `f/22`. Níbẹ̀, lẹ́ǹsì kì í mú dáadáa mọ́, gbogbo ẹ̀yìn á sì jọ mú, títí kan agbọ̀n ìdọ̀tí.

Bí a bá fẹ́ `f/4`, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni ìmọ́lẹ̀ fi pọ̀ jù. Dígí dúdú tí wọ́n ń pè ní ND ni wọ́n fi ń dí i. Èyí tí wọ́n kọ `ND32` sí ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdá kan nínú 32, ìgbésẹ̀ márùn-ún gééré. Ẹgbẹ́ wa ò ní i. Kí la ó ṣe? Ẹ mú ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé ṣọ́tà yára, kí ẹ gbà pé ìrìn á máa ta díẹ̀. Iná NEPA ò sí níta, ìlà dúdú ò ní yọ. Ẹ sáà ti rántí láti dá a padà. Èmi gbàgbé, ẹ sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ojú dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun

Kámẹ́rà tó wà ní `AUTO` ò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ògiri. Ó ń wá kí gbogbo àwòrán wà ní àárín méjì. Bí ẹ bá to ọmọ ogún tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun síwájú fèrèsé, á rí funfun púpọ̀, á sì dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ṣẹ́ẹ̀tì á dára, ojú wa á di òjìji. Bí ẹnì kan bá dá dúró níwájú kọ́tìnnì dúdú, á ṣe òdìkejì: á gbé ìmọ́lẹ̀ sókè títí ṣẹ́ẹ̀tì á fi jó.

Ẹ fi ọwọ́ yín yan nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi ojú ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n. Kí ẹ wá tan `Zebra` sí 100, bí kámẹ́rà bá ní i. Ìlà rínrindòdò á yọ níbi tó ti funfun kọjá ààlà. Bó bá yọ díẹ̀ létí kọ́là, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá bo ṣẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ẹ sọ ISO kalẹ̀. Ibi tó bá ti funfun báláú kò ní nǹkan nínú mọ́, kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè rí mú jáde níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ISO bá ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ó ṣì ń jó, ẹ dín ihò kù.

Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nọ́ńbà kankan ò lè tún un ṣe tán. Ẹ yí àga padà kí fèrèsé lè kọjú sí wọn. Ẹ bẹ olùkọ́ dáadáa, wọ́n á gbà.

Ẹ̀yin ọmọ SS1 méjèèjì

Lọ́jọ́ ìgbẹ̀bùn, ẹ dé gbọ̀ngàn ṣáájú àlejò. Ẹ tan gbogbo iná. Ẹ kọ́kọ́ wo fps, kó jẹ́ 25. Ẹ wo ṣọ́tà, kó jẹ́ 180° tàbí 1/50. Ẹ gbé ihò sí `f/5.6`. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró sórí pèpéle, kí ẹ wá gbé ISO sókè láti 400 títí ojú rẹ̀ á fi dára. Ẹ yà á fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wò ó dáadáa. Ojú kámẹ́rà kéré, kò jẹ́ kí n rí ìlà ọjọ́ yẹn.

Ìbéèrè fún gbogbo wa: wọ́n ń ya ijó nínú gbọ̀ngàn ní 25 fps, 180°, `f/5.6`, ISO 1600. Olórí ẹgbẹ́ wá ní kí wọ́n gbé e sí 50 fps, igun ò sì gbọ́dọ̀ yí padà. Lẹ́ǹsì wà níbi tí ó ti lè ṣí dé `f/4`. Mélòó ni ISO á jẹ́ bí wọ́n bá ṣí ihò, mélòó ni á sì jẹ́ bí wọn ò bá ṣí i? Ṣé ìlà dúdú á yọ? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú bébà, kí ẹ jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ fi ìṣirò hàn o. Ẹni tó bá kàn kọ nọ́ńbà, a ò ní gbà á.